Igi Obì Tí Yúnúsà Gbìn Sójú Ọ̀nà Ìjọba

Ẹ ó ti gbọ́ ọ ní Sábó, bóyá ẹ tilẹ̀ ti bá wọn sọ ọ́: pé Yúnúsà Akóredé, ọmọ Ibido, ta oko obì bàbá rẹ̀ fún ìjọba, ó kó owó náà lọ sí Abẹ́òkúta, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kì í fi í bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan tún fi kún un pé ilé alájà méjì ló fi kọ́.

Irọ́ ni. Kò sí ilé alájà méjì kankan níbì kankan. Yàrá mẹ́ta tí Yúnúsà kọ́ sẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Ibido ni gbogbo ohun tó ní, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Ti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lọ tí mo ń gbé e bọ̀, ó ti ń lọ sí bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ lè sọ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí ṣojú mi.

Alhaja Hàbíbátù, ẹ̀gbọ́n Yúnúsà, ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Sábó. Obì gbànja là ń tà. Tí wọ́n bá kó o dé láti oko, èmi àti àwọn obìnrin mìíràn la máa ń bó o, a ó ṣà á, a ó fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ, títí àwọn oníbàárà wa láti Òkè Ọya á fi wá kó o. Owó obì yìí ni Alhaja fi rán Yúnúsà lọ sílé ìwé gíga lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Nígbà tí ó jáde, ìjọba gbà á síbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé, Alhaja pín obì káàkiri Sábó bí ẹni tó bí ìbejì.

Kí bàbá wọn tó kú, ó ti pín oko rẹ̀ tó wà lápá Likosi. Gbogbo ilé ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n igi orí rẹ̀, ó fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù, tó sì ń so jù, Hàbíbátù ló fún, nítorí òun ló ń bá a lọ sóko. Àṣà kan sì wà nínú ilé wọn. Igi obì tí ẹni ilé bá gbìn, ẹni ilé nìkan ló gbọdọ̀ fi àdá kàn án. Tí igi bá gbó, ọmọ ilé ni yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wá gé e. Àlejò kò gbọdọ̀ gé e láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní ọdún 2014, ìjọba fẹ́ la ọ̀nà láti títì Ìkòròdú wọ àwọn abúlé tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ọ̀nà náà gba àárín igi Alhaja kọjá gbọnrangandan. Àwọn awọnlẹ̀ wá, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ka igi, wọ́n ní ìjọba yóò san owó gbà-má-bínú lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Yúnúsà kírun tán, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wọ agbádá funfun, ó ń dán, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀nà máa dé oko bàbá òun.

Alhaja ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Yúnúsà, owó tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé ó wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí ẹ kọ ọ́ sí. Mo ní, ṣé ó wà?"

Yúnúsà rẹ́rìn-ín. Ó mú obì kan nínú apẹ̀rẹ̀ mi, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. "Ohun tí Nàìjíríà ń tà fún ayé kò ju ẹyọ kan lọ, epo rọ̀bì. Nǹkan mìíràn wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra epo. Abuja á ṣẹ́ dọ́là náà sí náírà, wọ́n á pín in lóṣooṣù fún ìjọba àpapọ̀, fún ìpínlẹ̀, fún ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti dá iye tí wọ́n rò pé àgbá epo kan máa tà. Orí iye yẹn ni gbogbo wa ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lé. Tọdún yìí, dọ́là mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àti díẹ̀ ni. Ẹ mọ iye tó ń tà báyìí? Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ!"

"Èyí tó fi lé ńkọ́? Ta ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀?"

Yúnúsà dá obì padà sínú apẹ̀rẹ̀. "Ó yẹ kí wọ́n máa fi pamọ́ de ọjọ́ tí epo bá já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń pariwo pé kí wọ́n pín in. Wọ́n sì ń pín in."

"Háà! Obì tó yẹ kí ẹ dì sínú ewé lẹ ń rún lẹ́nu yẹn. Ìyá Kareemat, ṣé o gbọ́? Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n o."

Èmi ni Ìyá Kareemat. Mo bú sẹ́rìn-ín, Yúnúsà náà rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, agbaṣẹ́ṣe ránṣẹ́ pé bí òjò bá ti dá díẹ̀, kátapílà òun ń bọ̀. Láti ìgbà tí Alhaja ti gbọ́ orúkọ kátapílà ni kò ti rí oorun sùn mọ́. Pé kí awakọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá fa igi bàbá rẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò? Ó ní èèwọ̀ ni, àwọn ọmọ ilé ni yóò gé e fúnra wọn. Ó pe Yúnúsà lórí fóònù, èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́.

"Yúnúsà, wọn ò tíì sanwó. Ṣé kí a gé e?"

"Ẹ gé e, ẹ̀gbọ́n mi. Kò séwu. Ó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

Ó sọ ọ́ lẹ́nu báyìí, mo gbọ́ ọ. Ohun tí kò sọ fún un, tó jẹ́ èmi ló wá sọ fún lẹ́yìn náà, ni pé epo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti kúrò ní ọgọ́rùn-ún, ó ti wọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún. "Mo rò pé ó máa padà gòkè ni," ló sọ. "Tí kò bá tilẹ̀ gòkè, ó ṣì ju ti ìwé wa lọ. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì la rò bẹ́ẹ̀."

A lọ gé igi náà. Obì ṣì wà lórí wọn, kò tíì gbó. Alhaja dúró níwájú igi kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó ń gbé àdá sókè. Yúnúsà bọ́ agbádá, òun náà gé. Nígbà tí a ṣe tán, oko náà mọ́lẹ̀ kedere, oòrùn wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Ojú mi ò gbà á.

Kátapílà kò wá ní oṣù kẹwàá. Kò wá ní oṣù kọkànlá. Nígbà tí a fi máa wọ ọdún tuntun, epo tó ń tà ju ọgọ́rùn-ún lọ ò tó àádọ́ta mọ́. Ọdún mìíràn tún yí po, kò pé ọgbọ̀n.

Nígbà yẹn ni Yúnúsà wá là mí lóye, tí mo wá mọ̀ pé bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ohun tí wọ́n ń retí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Tí owó epo bá wọlé ni wọ́n tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá wọlé tó, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa tì, nítorí owó oṣù òṣìṣẹ́ àti gbèsè ò ṣeé sá fún. Lọ́tẹ̀ yìí, owó oṣù pàápàá ò tó. Oṣù tó lọ ò tíì jáde, èyí tó wà níta ti ń parí. Yúnúsà tó ń bá ìjọba ṣètò owó ń yá owó mọ́tò lọ́wọ́ mi kí ó tó lè padà sí Abẹ́òkúta.

Alhaja ní òun ò fẹ́ ìtàn, owó igi òun lòun fẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn ti àga.

"Màmá, ta ló gé igi yín?"

"Àwa ni. Èèwọ̀ ni kí àlejò gé e."

"Ó dáa. Igi tí iṣẹ́ wa bá bàjẹ́ là ń sanwó fún. Kátapílà wa ò dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gé igi yín fúnra yín, kí ni kí ìjọba wá ṣe?"

Mo rò pé Alhaja máa fọ̀ ọ́ létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jáde. Inú mọ́tò tí a wọ̀ padà ló ti sọ pé, "Ọmọ tí mo fi obì rán nílé ìwé ló ní kí n gé obì." Láti ọjọ́ náà kò bá Yúnúsà sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ sì ni àhesọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lójú oko rí i pé àwọn ọmọ ilé gé igi fúnra wọn, wọ́n ní wọ́n ti tà á nìyẹn. Ẹni tó bá tà á á ti gbowó, ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí owó wà ni Yúnúsà.

Ìyà náà ò tíì tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù.

Nígbà tí epo já wálẹ̀, dọ́là tó ń wọ ìlú kù díẹ̀. Bánkì àgbà ń tú èyí tó wà nípamọ́ sílẹ̀ kí náírà má baà ṣubú, ó tú u títí, apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Dọ́là kan tó jẹ́ bí ọgọ́jọ náírà nígbà tí a ń gé igi, ó di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ ní títì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá wọ́n, títí kan ẹ̀rọ àti ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. Owó tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà náà ń dín kù, iye tó máa ná wọn ń lé sí i.

Obì ńkọ́? Ó gbówó lórí! Àwọn oníbàárà wa kan máa ń gbé obì kọjá Kánò wọ orílẹ̀-èdè Níjẹ̀r. Owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún kì í ṣe náírà, kò bá náírà ṣubú. Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, náírà rẹpẹtẹ ni wọ́n ń kó dé Sábó, wọ́n wá ń fi owó lé ara wọn lórí obì. Ẹni tó ní igi nígbà yẹn, ó là. Alhaja tí kò ní igi mọ́ wá di ẹni tó ń ra obì lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn níye tí wọ́n bá pè é, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má baà sá. Epo tí a ò rí rí ló ní kí a gé igi, àṣé igi yẹn gan-an ló máa gbà wá. Mo rí Alhaja lọ́jọ́ kan tó mú obì kan dání, tó kàn ń wò ó.

Yúnúsà náà mọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin obì padà. Ojú ọ̀nà tí ìjọba ò là gan-an ló gbìn ín sí, ní ẹsẹ̀ kùkùté igi àtijọ́. Ó ń ti Abẹ́òkúta wá ní Sátidé, ó ń ro ó, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó wá sí Ibido pátápátá, oko náà sì di iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni gbogbo rẹ̀.

Ó máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wa. Alhaja á kọjú sí mi.

"Ìyá Kareemat, bá mi bi ọkùnrin yẹn pé ṣé ó ti jẹun."

"Bọ̀dá Yúnúsà, wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun."

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti jẹ."

"Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, ó ti rù. Kí ó wá gba ẹ̀bà."

Ẹ ò rí i pé ẹ̀rín ni! Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí Yúnúsà bá jẹun tán tó dìde, Alhaja kì í wo ibi tó gbà lọ.

Obì máa ń pẹ́ kó tó so. Ìgbà tí a wọ ọdún 2024 ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ so, díẹ̀díẹ̀. Mo bá Alhaja lọ síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan igi kan, ó ní, "Ọkùnrin yẹn gbìyànjú." Mo sáré lọ jíṣẹ́ fún Yúnúsà, ẹkún ni ó sun.

Bí ọdún kan péré la fi yọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn awọnlẹ̀ tún dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi tuntun. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Inúolúwa, bá wọn wá. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa. Alhaja jókòó sórí kùkùté, Yúnúsà dúró lápá kejì.

"Màmá, ọ̀nà ti padà o," ni Inúolúwa wí. "Owó ń wọlé báyìí. Ohun tí à ń rí gbà láti Abuja lóṣooṣù ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Tí ẹ bá lè bá wa gé igi ojú ọ̀nà yìí, iṣẹ́ á tètè bẹ̀rẹ̀."

"Ọmọ mi," ni Yúnúsà wí, "náírà ló pọ̀. Dọ́là ńkọ́?"

"Bàbá, kò yé mi."

"Àgbá epo kò wọ́n ju ti ọdún tí a gé ti àkọ́kọ́ lọ. Kódà kò tó o. Náírà ló ṣubú. Dọ́là kan ti di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà, nítorí náà dọ́là kan náà tí wọ́n bá ṣẹ́, náírà rẹpẹtẹ ni. Ẹ ń kà á, ó ń pọ̀ lójú yín. Àmọ́ èló ni ọ̀dà títì? Èló ni epo dísù tí kátapílà ń mu? Tọdún yìí, wọ́n ti tún gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lé dọ́là márùndínlọ́gọ́rin lórí àgbá kan. Tí kò bá tà tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Inúolúwa wolẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní ó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

Alhaja wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Ó ní, "Ìyá Kareemat, mo mọ orin yìí."

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, epo ti já wá sí nǹkan bí ọgọ́ta dọ́là. Yúnúsà gbọ́ ọ lórí rédíò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Mi ò ní pé rédíò ló ṣe é. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, oògùn rẹ̀ ti òkè òkun sì ti gbówó lórí débi pé ó ń gé ẹyọ kan sí méjì kó tó lò ó.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni agbaṣẹ́ṣe tún ránṣẹ́: kí ilé gé igi wọn tàbí kí òun gbé kátapílà wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó gbà-má-bínú. Alhaja kò lè jókòó. Tí wọ́n bá gé e fúnra wọn, wọn ò ní rí kọ́bọ̀, bóyá ọ̀nà ò sì ní wá. Tí wọn ò bá gé e, àlejò ló máa hú igi tí àbúrò rẹ̀ gbìn, nígbà tí àbúrò náà wà lórí àìsàn. Ó pè mí wọ inú ilé.

"Lọ bá mi bi í pé ṣé kí a gé e."

"Alhaja, ẹ dákun, ẹ lọ bi í fúnra yín. Ara rẹ̀ ò yá."

"Mo bi í fúnra mi nígbà kan." Ó kó obì tuntun márùn-ún lé mi lọ́wọ́. "Fún un. Sọ fún un pé ti igi rẹ̀ ni."

Mo bá Yúnúsà lórí ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń yé èèyàn tí a bá fara balẹ̀. Mo kó obì náà sí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi: ṣé kí wọ́n gé e?

Ó ń yí obì lọ́wọ́, ó ń yí i.

"Èló lẹ ń tà á ní Sábó?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n ká èyí tó wà lórí igi. Kí wọ́n wá jókòó sílé, kí wọ́n má mú àdá. Tí kátapílà ò bá dé, igi ṣì wà; tí ó bá dé, iṣẹ́ ìjọba ló bà á jẹ́, wọ́n gbọdọ̀ sanwó. Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo sọ ọ́: kí àlejò gé e."